Ilà Ojú Mi Dà?

Ẹni tó bá ní owó kò lè ra ìtìjú, kò tíì san ₦15,000 rí lórí ohun tó fẹ́ fi dá àgbàlagbà nínú dùn, kí àgbàlagbà náà wá wo ohun ọ̀hún títí kó bi í pé, "Ọmọ ta nìyí?" Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn nílé wa ní Ìsẹ́yìn nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ìyá mi wà níbẹ̀, àwọn àbúrò mi wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò tí mo fẹnu ara mi pè pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ìyanu náà sì kún pálọ̀ fọ́fọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ sọ ọ́.

Bàbá tó bí ìyá mi ni mò ń wí. Ọdún 1936 ni wọ́n bí wọn. Iṣẹ́ telọ ni wọ́n ṣe títí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó wọn, ìyá àgbà wa, kú ní ọdún 2021. A kò fọwọ́ kan yàrá ìyá fún ọdún méjì, nítorí Bàbá kò fẹ́. Nígbà tí òrùlé yàrá náà wá ń jò tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé fojú fò mọ́, a wọlé láti kó ẹrù jáde. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni a ti rí àpótí páànù kan. Nínú rẹ̀, lábẹ́ àwọn ìró àtijọ́, a bá fírémù kékeré kan tí wọ́n fi gèlè wé bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Fọ́tò tó wà nínú fírémù náà kò tóbi ju ìwé pósítíkáàdì lọ. A rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró níbẹ̀ nínú agbádá, ṣùgbọ́n omi òjò ti ṣe é bí ọṣẹ ti ń ṣe ojú. Ó ti bu káàkiri bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹni náà àti etí rẹ̀ ti di funfun báláú.

A gbé e fún Bàbá. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Fọ́tò Àṣàkẹ́ nìyí," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n ò rí ara mi. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí i, lábẹ́ àtùpà, kí n tó fi í ránṣẹ́ sí i. Látìgbà tó ti gbà á, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní tòun ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, tí kò mọ bí òun ti rí nígbà ọ̀dọ́! Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn, mo sì mọ àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun. Mo sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo gbé fírémù sílẹ̀, mo sì fẹ́ fi èékánná ká fọ́tò náà kúrò lára dígí kó lè rí i dáadáa. Ariwo tó pa mú kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fírémù náà nù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á o! Ojú bàbá yín ni ẹ máa bó yẹn!"

Ó ní kí n jókòó. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwòrán kò sí lára ìwé fọ́tò gan-an. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní jẹlátíìnì ni wọ́n fi bo ojú ìwé náà, inú rẹ̀ sì ni àwòrán wà. Egungun àti awọ màlúù ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí jẹlátíìnì, ó dà bí omi pọ̀nmọ́ tó dì. Bí omi bá kàn án, á wú, á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ dígí tó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá wá gbẹ, òun àti dígí ti di ara kan náà. Ẹni tó bá fà á, ìwé nìkan ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́, àwòrán á dúró sára dígí. Nítorí pé jẹlátíìnì jẹ́ oúnjẹ, ohun tó ń mú búrẹ́dì bu náà ń jẹ ẹ́. Ohun tó jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá nìyẹn.

Ó yọ igi fírémù, ó fi dígí àti fọ́tò sílẹ̀ bí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó so kámẹ́rà sókè kó máa wo ilẹ̀ gán-ún. Iná méjì ló tàn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àwọn méjèèjì sì dagun. Ó ní bí òun bá tan iná láti òkè, inú dígí ni yóò máa kọ yẹ̀rì. Ó fi aṣọ dúdú bo ara kámẹ́rà pàápàá, kí òjìji rẹ̀ má baà hàn nínú àwòrán. Bí ó ti yà á, ó fi èyí tó kọ́kọ́ yà pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kàn án, ó sì ṣe ẹ̀dà mìíràn tí yóò máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló yọ wá lọ́fìn nígbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ tó kù kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tó ń lẹ aṣọ. Á mú awẹ́ kékeré níbi tó dára nínú àwòrán, á fi lẹ ibi tó bàjẹ́, á sì pa ojú ìlẹ̀mọ́ náà rẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Nígbà tí mo padà lọ, ẹnu yà mí. Fọ́tò tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ti di ńlá, ínǹṣì 12 sí 16. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró gbọnrangandan nínú agbádá ẹtù dúdú, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹyin. Mo san owó mi, mo wọ mọ́tò, ó di Ìsẹ́yìn.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ni a tún dé yìí o. Mo fa aṣọ kúrò lójú fọ́tò, àwọn ènìyàn hó yèè. Bàbá wo fọ́tò náà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ọmọ náà dára lọ́mọkùnrin," ni wọ́n wí pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ ba àlejò nínú jẹ́. "Ṣùgbọ́n Àlàó, ilà ojú mi dà?"

Mo wo fọ́tò, mo wo ojú Bàbá. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì láti kékeré. Èmi tí mo ti ń wo ojú yìí fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, n kò rí i pé kò sí ilà lójú fọ́tò tí mo gbé wá! Pálọ̀ dákẹ́ lọ gbári. Ìyá mi tilẹ̀ fẹ́ bá mi gbèjà, wọ́n ní bóyá iná ilé ni kò mọ́lẹ̀. Bàbá kò dáhùn. Ìka wọn ti wà lórí ọrùn agbádá inú fọ́tò, wọ́n ń fi í wá nǹkan.

"Agbádá yìí náà kì í ṣe èyí tí mo wọ̀. Èyí ti parí. Tèmi kò tíì parí."

Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán ni wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi pàápàá kò gbọ́ rí.

Ní ọdún 1956, ọmọ ogún ọdún ni Bàbá, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ telọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ekotẹdó, Ìbàdàn. Ọdún yẹn ni Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà, oṣù kejì ló sì dé Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn ńlá ń dá aṣọ tí wọn yóò wọ̀ jáde. Ọ̀gá wọn gba agbádá ẹtù kan láti rán, Bàbá ni wọ́n sì ní kó máa rán ọrùn àti àpò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ telọ, ẹ mọ̀ pé a máa ń kọ́kọ́ fi òwú funfun di aṣọ mú, abẹ́rẹ́ kan níhìn-ín, abẹ́rẹ́ kan lọ́hùn-ún, kí ó má baà yẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì. Bí a bá rán an tán ni a ó tó tú òwú ìdìmú náà.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni," Bàbá wí. "Ọ̀gá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Onífọ́tò wà ní òdìkejì títì. Mo ti ń tọ́jú owó oúnjẹ mi láti bí ọjọ́ mélòó kan. Èṣù bá ta mí nídìí, mo gbé agbádá olóhun wọ̀ tòun ti òwú ìdìmú lára rẹ̀, mo sáré sọdá. Onífọ́tò yá mi ní aago ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Ó kó orí sábẹ́ aṣọ dúdú, ó ní, 'Má mí o!' Kí ló máa mú mi mí? Ọ̀gá mi ni mò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán!"

Owó tó wà lọ́wọ́ wọn, fọ́tò kan ṣoṣo ló lè rà. Fọ́tò náà kì í sì í ṣe ti eré. Wọ́n ń wá Àṣàkẹ́ fẹ́ ní Ìsẹ́yìn, bàbá rẹ̀ tó ń hun aṣọ òkè sì fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ọmọ tó lọ Ìbàdàn yìí dà. Bàbá fi fọ́tò náà rán awakọ̀ lọ́rí kan. Kò pẹ́, èsì dé pé kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ.

"Mo rò pé agbádá náà ló fẹ́ mi fún," Bàbá wí. "Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Ó pé ọdún kẹta tí a ti fẹ́ra, ó ti bí ìyá rẹ yìí, ló bá gbé fọ́tò náà jáde lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, 'Bàbá Ọmọ, agbádá ta lẹ yá wọ̀ níbí?' Ojú tì mí. Ó wá fi ìka tọ́ka sí àwọn òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ahunṣọ ni, ẹtù ni wọ́n ń hun nílé wọn. Ọjọ́ tó gba fọ́tò náà ló ti rí òwú ìdìmú. Bàbá rẹ̀ náà rí i. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ tó bá ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ rán agbádá ẹtù, ebi kò ní pa ìyàwó rẹ̀. Nítorí òwú yẹn ni wọ́n ṣe fún mi lọ́mọ, Àlàó. Ìwọ wá lọ sanwó fún ẹni tó tú u."

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sí Ìbàdàn, mo sì bá ọmọ náà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ti múra ìjà, ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí àwọn ìlà náà o. Mo rò pé fíìmù ló họ ni. Àwọn funfun ara aṣọ, mo rò pé ibi tó bu ni."

Kò parọ́. Nínú fọ́tò kékeré yẹn, gbogbo orí Bàbá kò ju èékánná àtàńpàkò lọ. Ilà kọ̀ọ̀kan kò ju fọ́nrán irun lọ. Bí nǹkan bá họ ojú fọ́tò, funfun ni yóò hàn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fíìmù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ló họ, dúdú ni yóò jáde. Ilà ojú náà, dúdú ló ń hàn. Ọmọ náà kò sì dàgbà láàárín àwọn tó kọlà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní in, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sì ti ka kíkọ ilà sára ọmọ léèwọ̀. Ó rí ìlà dúdú mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó pa wọ́n rẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tó ti mọ́ náà padà sí òsì láti fi dí ibi tí bíbu ti jẹ. Bí gbogbo ilà ojú Bàbá ṣe parẹ́ nìyẹn.

Ó ṣí ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí kò fọwọ́ kàn, a jókòó tì í. Ohun tí a rí lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ sílé. Ibi tó họ kò mọ ààlà. Ọ̀kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti ara kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn Bàbá, ó gba orí fìlà kọjá, ó gba èjìká, kò yà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà mẹ́ta yẹn dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, gígùn wọn súnmọ́ra, wọ́n sì tẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tẹ̀. Etí wọn kò mú bí ibi tí abẹ ya. Ó rọra ń ṣókùnkùn wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aṣọ. Ibi tó bu pọ̀ lára kọ́tìnnì bó ti pọ̀ lára agbádá, ó tóbi, ó kéré, kò ní ètò. Àwọn tó wà ní ọrùn àti àpò, ààyè tó wà láàárín wọn dọ́gba, wọ́n tẹ̀ lé etí ìránṣọ, ibi tí aṣọ sì pin ni wọ́n pin sí. A ka mọ́kànlá.

Ohun kan kù tí kò sí nínú ẹ̀dà kankan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ohun tí bíbu ti jẹ tán, kọ̀ǹpútà kò lè pọ̀ ọ́ jáde, àfi kéèyàn fojú inú yà á. Ọmọ náà ní òun kò tún ní méfò mọ́. Ó gbé kámẹ́rà, a jọ lọ sí Ìsẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kó tó sọ ohunkóhun. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí i. Ibẹ̀ la ti rí i pé ilà òsì kò bá ti ọ̀tún dọ́gba. Èyí tó wà láàárín gùn ju àwọn tó kù lọ. Wọ́n ní nígbà tí olóólà ń kọ ọ́, wọ́n ta pá, abẹ yọ̀ sísàlẹ̀. Bí a bá ti ọ̀tún ṣẹ́ ẹ padà, kódà tòun ti ilà, irọ́ ni ì bá tún jẹ́.

Ṣùgbọ́n ara ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ti fà wálẹ̀, ilà náà sì ti bá a fà. Nítorí náà kò gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbà lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dọ́. Iye ilà àti èyí tó gùn jù ló mú lára Bàbá. Fífẹ̀ àti dúdú wọn, ó mú un lára ilà ọ̀tún inú fọ́tò. Ó dá òwú mọ́kànlá padà bí wọ́n ti wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àti etí òsì, a tún wọn yà ní 2023." Ó ní kí ẹni tó bá rí i lẹ́yìn wa má baà rò pé kámẹ́rà ló rí gbogbo rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò pe ẹnikẹ́ni. Èmi àti Bàbá nìkan la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀. Mo gbé fọ́tò náà lé wọn lẹ́sẹ̀, mo sì dákẹ́ ẹnu mi.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka kan ilà inú fọ́tò, wọ́n gbé ìka náà wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọ́n tún dá a padà. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka òwú láti etí ọrùn wá sí àpò. Nígbà tí wọ́n ka mọ́kànlá, ẹ̀rín pa wọ́n, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí ìyá àgbà ti lọ. Omi wà lójú wọn pẹ̀lú.

"Àṣé bí mo ti rí nìyí," ni wọ́n wí. "Ẹ wo bí ojú mi ti ń sá! Ẹni tí Àṣàkẹ́ fẹ́ nìyí."

Mo ti mú ìṣó àti òòlù dání láti Ìbàdàn. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí n gbé e kọ́ sí ní pálọ̀.

"Pálọ̀ kẹ̀?" Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Fi gèlè rẹ̀ wé e padà, kí o gbé e sínú àpótí rẹ̀. Ṣé èmi ni mo ni ín ni?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n gbójú sókè wo àjà. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tún òrùlé yàrá yẹn ṣe o."

Mo fi ìṣó sápò, mo lọ wá káfíńtà.